Àwòrán ilé ní àṣálẹ́: ṣé ká kùn ún ni, àbí ká tún un yà?

Ẹ ní àwòrán ilé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, oòrùn ọ̀sán ló ń ràn nínú rẹ̀, ẹ wá fẹ́ èyí tí oòrùn ti wọ̀, tí wíńdò ń tàn, tí iná ọgbà sì ti tàn. Oríṣi iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń tà lórúkọ kan náà. Ẹnìkan á gbé àwòrán ọ̀sán yín sínú Photoshop tàbí GIMP, á kùn ún di àṣálẹ́. Ẹlòmíràn á padà sínú fáìlì ilé náà nínú Blender, á pa oòrùn, á tan iná, kọ̀ǹpútà á sì tún un yà.

Kíkùn yá, owó rẹ̀ sì kéré. Òjìji ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Wàndo, l'Àjàṣẹ́, tó ní wíńdò mẹ́fà níwájú, iná mẹ́rin létí ọ̀nà àbáwọlé, àti igi máńgòrò kan. Lọ́sàn-án, òjìji òrùlé gé ògiri sí méjì, ti máńgòrò sì tẹ́ sórí koríko. Bí oòrùn bá wọ̀ tán, ojú ọ̀run nìkan ló kù tó ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀, gbogbo ọ̀nà ló sì ti ń wá, òjìji gígé bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Ẹni tó kàn da búlúù bò ó pẹ̀lú Multiply, ọ̀nà ìdàpọ̀ àwọ̀ tó ń mú àwòrán ṣókùnkùn, ti fi òjìji ọ̀sán sílẹ̀ síbẹ̀. Pípa á rẹ́ lórí ògiri tó dán kò le. Lórí koríko, ó le gan-an.

Ẹ tún wo iná ọgbà. Ìmọ́lẹ̀ máa ń bọ́ sílẹ̀: bí ẹ bá jìnnà sí iná ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Koríko tó sún mọ́ ọn á mọ́lẹ̀, abẹ́ ewé máńgòrò náà á gbà díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi Screen kùn, ìyẹn ọ̀nà ìdàpọ̀ àwọ̀ tó ń mú àwòrán mọ́lẹ̀, sábà máa ń jẹ́ òbìrí yẹ́lò lásán, tí kò kan ilẹ̀. Wíńdò tí wọ́n kùn ní àwọ̀ kan náà jálẹ̀ dà bíi bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Kí kọ́tìnì àti àjà hàn nínú rẹ̀, kí ọ̀kan tàbí méjì nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ṣókùnkùn.

Bí wọ́n bá tún un yà, gbogbo èyí á wá fúnra rẹ̀. Wọ́n á fi iná sí nǹkan bí 2700 sí 3000 Kelvin nínú Blackbody, ibi tí wọ́n ti ń yan àwọ̀ iná, kó lè pọ́n díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀run búlúù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni Light Groups, tó ń ya ìmọ́lẹ̀ iná kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, tó sì ti wà nínú Blender láti 3.2: wọ́n lè dín iná ọgbà kù lẹ́yìn tí àwòrán ti jáde, láìtún un yà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí nǹkan kan nínú yàrá, òfìfo ni wíńdò á fi hàn. Iná kéékèèké sì máa ń jẹ́ kí ibi òkùnkùn kún fún àmì wẹ́wẹ́, nítorí náà ó lè pẹ́ ju ti ọ̀sán lọ.

Bí àwòrán yín bá jẹ́ ti ọjọ́ tí ìkúukùu bo oòrùn, tó sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ san owó kíkùn. Bí òjìji bá gé ògiri, tàbí tí ẹ fẹ́ ìhà mẹ́ta ilé kan náà, ẹ ní kí wọ́n tún un yà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó yà á lákọ̀ọ́kọ́ bóyá fáìlì náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, kíkùn nìkan ló kù fún yín, àfi tí wọ́n bá tún ilé náà kọ́ látìbẹ̀rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.