Kòtò ni tàbí irin ìlulẹ̀? Lóko ẹ̀gẹ́ kan ní Ẹ̀pẹ́

Ọ̀dọ́bìnrin agbaninímọ̀ràn àgbẹ̀ náà ń gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò ilẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Bàbá olóko dúró tì í.

“Ọmọ mi, irin tí ẹ máa ń yí wọlẹ̀ láti fi lu ilẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn yá jù.”

“Ó yá lóòótọ́, Bàbá. A lè fi wo ibi púpọ̀ kí oòrùn tó mú. Àmọ́ bó ṣe ń yí ló ń po ilẹ̀ pọ̀, kò sì ní jẹ́ ká rí bí gbòǹgbò ṣe rìn.”

Kò da ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kòtò tí oòrùn ń ràn sí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi ọ̀bẹ họ ọ́. Iyanrìn dúdú ló wà lókè, èyí tó pupa rúsúrúsú tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50, ilẹ̀ di aláwọ̀ eérú, ó ní àmì bíi irin tó dógùn-ún. Gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ kò kọjá ibẹ̀.

“Àwọ̀ yìí fi hàn pé omi ń dúró síbí lásìkò òjò, Bàbá.”

“Ìdí tí ẹ̀gẹ́ mi fi ń jẹrà nìyẹn!”

Lójú tèmi, kòtò ló borí bí a bá ń wá ìdí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí wọ́n mú irin, kí wọ́n fi wá ibi tí ilẹ̀ eléérú náà parí sí, kí Bàbá lè kọ ebè gíga síbi tí omi ń dúró sí.