Áàpù orin tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu gángan

Bí ẹ bá ń fi áàpù gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú àtijọ́, ẹ wọ inú sẹ́tíǹgì yín lọ báyìí, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Crossfade sí. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá ti ju òdo lọ, ẹ fà á padà sí òdo kí ẹ tó ka èyí tó kù. Owó tí mò ń san fún áàpù yìí lóṣooṣù ò dùn mí rí, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Ìgbọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ti sú mi.

Bàbá mi lu gángan fún ẹgbẹ́ jùjú kan ní Òṣogbo yìí nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Orin tí kò dúró rárá ló wà lójú kìíní rẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 18, bí àwọn Ebenezer Obey àti Sunny Adé ṣe máa ń ṣe é láwọn ọdún 1970: orin á ti inú orin jáde, ìlù ò ní sinmi. Lórí áàpù, wọ́n ti gé ojú kìíní yẹn sí mẹ́rin. Ìyẹn nìkan ò burú.

Mo so fóònù mọ́ sípíkà, Bàbá fẹ̀yìn ti àga, wọ́n dijú. Ní ìparí apá kejì, gángan ń ki olówó kan, ó ń to orúkọ àwọn baba rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kó tó dé orúkọ tó kẹ́yìn, olórin ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ó ti ń dáhùn ohun tí ìlù ò tíì sọ. Gángan méjì wá ń dún lórí ara wọn, ọ̀kan ń rọlẹ̀, èkejì ń gòkè bọ̀. Bàbá lajú.

"Ta ló gbé ìlù kejì wá síbẹ̀ yẹn?"

Mo ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í lulù."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Áàpù náà ti tan Crossfade fúnra rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe tuntun tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì gbé e sí ìṣẹ́jú-àáyá 6. Ohun tí Crossfade ń ṣe ni pé, nígbà tí orin kan bá ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà kó parí, á bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, á máa dín ohùn ti àkọ́kọ́ kù, á máa gbé ti èkejì sókè. Ó dáa fún òde àríyá, níbi tí ẹ kò fẹ́ kí ijó já. Fún orin tí wọ́n gé láàárín, ìkà ni, torí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà méjèèjì yẹn, ìtẹ̀léra ni wọ́n, kì í ṣe ohun tó yẹ kó dún pa pọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e jẹ́ mẹ́ta, nítorí náà ìṣẹ́jú-àáyá 18 ló ń pòórá: ìṣẹ́jú 18 di ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú-àáyá 42. Ẹ lè fi aago yẹ tiyín wò bẹ́ẹ̀.

Mo wọ ṣáàtì àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọ̀gbẹ́ni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn ò tilẹ̀ bi mí pé orin wo ni. Ó ní kí n pa áàpù náà rẹ́ kí n tún un gbé sórí fóònù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo orin tí mo ti kó pa mọ́ lọ pẹ̀lú ẹ̀, dátà mi jó, Crossfade sì tún padà wá ní 6. Mo sọ fún un. Ó ní inú àwọn dùn pé àwọn ràn mí lọ́wọ́, ó ti ṣáàtì. Ẹ gbà mí! Ṣé èmi ni mo wá kí i ni?

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan ló gbé e. "Ẹ kú ọjọ́, sà. Apá wo ni, ìṣẹ́jú wo ló sì ti ṣẹlẹ̀?" Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí n fún òun láyè, òun fẹ́ gbọ́ ọ. Ó padà dé, ó ní, "Sà, mo gbọ́ ọ. Wọ́n já orúkọ yẹn gbà lẹ́nu ìlù." Ọmọ Ìkìrun ni, ó ti mọ ohun tó ń gbọ́. Ó júwe bí mo ṣe máa gbé Crossfade sí òdo, kí n sì jẹ́ kí Gapless wà ní títàn, torí òun ló ń jẹ́ kí apá kan kan èkejì láìsí àlàfo. Ó tún bi mí bóyá látinú àwo orin fúnra rẹ̀ ni mò ń gbé e tàbí látinú àkójọ tí mo fọwọ́ ara mi tò. Mo ní àkójọ tèmi ni, torí Bàbá kì í fẹ́ ojú kejì.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ nǹkan. Normalize volume wà ní títàn lórí fóònù mi, èyí tó ń mú kí gbogbo orin dún bákan náà. -14 LUFS ni áàpù yìí ń gbé wọn sí, LUFS ni òṣùwọ̀n bí orin ṣe ń dún sókè tó létí. Nínú àkójọ, á wọn orin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Apá kìíní tiwa jẹ́ ohùn kan àti gìtá, ó rọra ń lọ. Apá kejì ni gbogbo onílù wọlé. Áàpù gbé apá kìíní sókè, ó tẹ apá kejì mọ́lẹ̀, tí ìlù fi wọlé bíi pé wọ́n ń lù ú nínú yàrá kejì. Bí ẹ bá gbé e látinú àwo orin ní ìtẹ̀léra, gbogbo àwo náà ló máa wọ̀n pọ̀, á fún un ní òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, ohun tó rọlẹ̀ á rọlẹ̀, ohun tó le á le. Tí ẹ bá sì tẹ Shuffle, ó ti padà sí tọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Mo ṣe gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin èèyàn! Nígbà tí àwọn onílù wọlé ní apá kejì, Bàbá dìde lórí àga. Gángan pe orúkọ tó kẹ́yìn tán, ó sinmi díẹ̀, olórin tó dáhùn. Ojú gígé náà ò hàn rárá. Mi ò gbọ́ ọ kó dún tó bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rí.

Ẹ̀bi kan ṣì wà tí kì í ṣe tiwọn pátápátá. Àwọn MP3 tí ọ̀rẹ́ mi kan fi búlútúùtù fún mi ṣì ń já níbi gígé, pẹ́, bíi pé onílù ṣì ẹsẹ̀, bí Gapless tilẹ̀ wà ní títàn. MP3 máa ń kó orin sí ègé ègé, ọ̀kọ̀ọ̀kan nǹkan bí ìdá 26 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, á sì fi ìdákẹ́ díẹ̀ síwájú, á tún fi kún ègé tó kẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ tó ṣe fáìlì náà bá kọ ìwọ̀n ìdákẹ́ yẹn sórí ẹ̀, bí LAME, ètò kan tí wọ́n fi ń ṣe MP3, ṣe máa ń ṣe, áàpù á mọ ibi tó máa gé e kúrò. Bí wọn ò bá kọ ọ́, kò sí bọ́tìnì tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ojú rẹ́kọ́ọ̀dù odindi nínú fáìlì kan ló dára jù.

Ohun tí mo bínú sí jù kò tíì yí padà: Crossfade kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo nǹkan. Àbúrò mi ń fi àkáǹtì kan náà gbọ́ orin ijó, ó fẹ́ 6 tirẹ̀, a sì ń tan án, a ń pa á láti òwúrọ̀. Àwọn áàpù míì wà tí kì í da orin àwo kan náà pọ̀ bó bá ń lọ ní ìtẹ̀léra. Kí ló dé tí tiwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Àti pé ta ló rán wọn láti tan án fún mi?

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ Ìkìrun yẹn. Bàbá ní kí n fún wọn ní ẹyọ kan, àmọ́ àkáǹtì èmi ni.