Káàdì ẹ̀ẹ̀kan àbí káàdì tí a so mọ́ ìsọ̀ kan?

Nọ́ńbà lásán fún ìsanwó orí ayélujára ni àwọn méjèèjì, kò sí ike lọ́wọ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì nínú áàpù, ilé-iṣẹ́ káàdì á ṣe nọ́ńbà tuntun, ọjọ́ ìparí àti nọ́ńbà ààbò oní-díjíìtì mẹ́ta, á sì so wọ́n mọ́ àkáǹtì yín lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ìsọ̀ tí ẹ ń sanwó fún kì í rí nọ́ńbà káàdì yín gan-an.

Ti ẹ̀ẹ̀kan máa ń kú lẹ́yìn ìsanwó kan. Nínú áàpù báńkì Revolut, òmíràn á rọ́pò rẹ̀. Bí olè bá jí àkọsílẹ̀ ìsọ̀ náà lọ́la, òkú nọ́ńbà ló kó. Èyí tí a so mọ́ ìsọ̀, irú ti Privacy.com ní Amẹ́ríkà, ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ẹ sì lè fi òdiwọ̀n owó sí i. Ewu tó kù ni pé ìsọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ lè tún yọ owó títí dé òdiwọ̀n náà.

Wàhálà ti ẹ̀ẹ̀kan rèé: ẹ ra bàtà £40 àti aṣọ £20 pa pọ̀. Bàtà kọ́kọ́ jáde, ìsọ̀ yọ £40. Nígbà tí aṣọ jáde, ó fẹ́ yọ £20, wọ́n kọ̀ ọ́. Nọ́ńbà ti kú. Aṣọ ò dé mọ́ nìyẹn.

Fún ìsọ̀ àjèjì tí ẹ ò ní padà sí, ẹ lo ti ẹ̀ẹ̀kan. Fún owó oṣooṣù, tàbí ìsọ̀ tó ń fi ọjà ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ lo èyí tí a so, kí òdiwọ̀n rẹ̀ fi díẹ̀ ju iye ọjà lọ. Bí ìsọ̀ bá jẹ́ ayédèrú, kò sí èyí tó lè dá owó àkọ́kọ́ dúró nínú méjèèjì.