Ẹja Àrọ̀ Yíyan: Èyí Tó Rọ̀ Tàbí Èyí Tó Gbẹ Táútáú, Èwo Ló Wọ́n Jù?

Oríṣi ẹja àrọ̀ yíyan méjì ló sábà máa ń wà lórí àtẹ: èyí tí iná kàn rà díẹ̀, tí ẹran rẹ̀ ṣì rọ̀, àti èyí tó gbẹ táútáú. Ká ní wọ́n ń ta kílò kan èyí tó rọ̀ ní ₦9,000, tí wọ́n sì ń ta ti èyí tó gbẹ ní ₦14,000. Ọ̀pọ̀ èèyàn á na ọwọ́ sí ti ₦9,000. Èmi ò ní mú un, nítorí omi pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń wọ̀n fún ọ.

Nínú kílò kan ẹja àrọ̀ tútù, omi tó nǹkan bíi gíráàmù 750. Ẹran, ọ̀rá àti egungun ni 250 tó kù. Bí wọ́n bá yan án títí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ fi lọ, ó ku gíráàmù 500, omi ṣì jẹ́ 250 nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yan án títí 70 nínú 100 fi lọ, ó ku 300, omi ibẹ̀ ò ju 50 lọ.

| | Èyí tó rọ̀ | Èyí tó gbẹ |
|---|---|---|
| Owó kílò kan | ₦9,000 | ₦14,000 |
| Ohun tó kù nínú kílò tútù kan | 0.5 | 0.3 |
| Iye tí kílò tútù kan bọ́ sí | ₦4,500 | ₦4,200 |

Ìlà ìkẹyìn ni kó o fi ṣe ìpinnu. Gbé kílò kan èyí tó rọ̀ padà sórí iná pẹ̀lẹ́ títí tó fi gbẹ bí èkejì, gíráàmù 600 ni wàá bá lórí òṣùwọ̀n. ₦9,000 tó o san ti di ₦15,000 fún kílò kan nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ọbẹ̀ òní lo fẹ́ fi sè, o lè rà á, kò burú. Àmọ́ bó o bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, omi yẹn náà ló máa jẹ́ kó tètè bu. Ṣẹ́ ẹja náà lẹ́yìn orí, níbi tó nípọn jù, kó o fi ìka tẹ inú rẹ̀: bó bá tutù tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, kò tíì gbẹ, bó ti wù kí ara rẹ̀ dúdú tó.

Ẹni tó ra ẹja tútù tó fẹ́ gbé e fún aláyan náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí kílò tútù bá jẹ́ ₦3,000, tó sì máa pàdánù 70 nínú 100, má ṣe fi 70 nínú 100 lé owó kó o ní ₦5,100 ló dé. Ohun tó kù lo máa fi pín in: ₦3,000 ÷ 0.3 = ₦10,000, láìtíì ka èédú àti owó iṣẹ́. Tún béèrè bóyá kí wọ́n tó yọ ìfun ni wọ́n ti ka 70 yẹn, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí kílò 10 bá ku 9 lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìfun, tí 70 nínú 100 wá lọ nínú 9 yẹn, kílò 2.7 ló máa kù. Kílò kan rẹ̀ ti kọjá ₦11,100 nìyẹn.