Àgbéyẹ̀wò ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kẹ̀kẹ́ Márúwá kan l'Ékìtì: kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n tú

Ìyá àgbà kan ló bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ mi láàárín òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ó gbé agbọ̀n iṣu rẹ̀ karí, ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n máa fẹsẹ̀ rìn, n ó dúró dè ọ́ lókè." Ọjọ́ tí mo gba kẹ̀kẹ́ náà jáde lọ́dọ̀ mẹkáníìkì gan-an nìyẹn o, lẹ́yìn tí mo ti san owó ríìngì tuntun àti pístìnì tuntun! Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, táyà kò yára rárá, òórùn ohun tó ń jóná sì gba gbogbo inú kẹ̀kẹ́.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọ̀gá ibẹ̀ kò gun kẹ̀kẹ́ náà kó tó dájọ́. Ó kàn fún ẹ́ńjìnnì lépo lórí ìdúró, ó ní, "Ríìngì ti jẹ." Mo ní, "Ọ̀gá, kò rú èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì kò sì dín kù." Ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí n tó mọ ibi tí wọ́n ń kó jíà sí. Bẹ́ẹ̀ ríìngì tó bá jẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: èéfín á máa rú, ọ́ìlì á máa lọ. Bí èèyàn bá sì da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò pọ́lọ́ọ̀gì, tí agbára ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnnì wá lọ sókè, ríìngì ni. Bí kò bá lọ sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù. Wọn kò dán èyíkéyìí wò.

Mo padà lọ pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀gá ò sí, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ló wà níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gùn ún lọ sókè." A gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ó ní kí n máa fetí sí ẹ́ńjìnnì. Ká ní epo bẹntiróòlù ni kò dé, bóyá omi wọnú rẹ̀ tàbí ìdọ̀tí dí kábúrétọ̀, ariwo rẹ̀ á máa rọ̀ ni, á máa wúkọ́. Tiwa ń ké sókè sí i, kẹ̀kẹ́ sì ń falẹ̀. Ó ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà lèyí.

Nígbà tá a dé ibi tó tẹ́jú, ó tẹ búrékì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, ó kó o sí jíà kẹta, ó fún un lépo díẹ̀, ó wá rọra dá kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹ kó kú. Kò kú! Ó ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Mo bi í bóyá ṣéènì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nínú irú kẹ̀kẹ́ tèmi yìí ṣéènì kọ́ ló ń yí táyà, inú ẹ́ńjìnnì ló wà, òun ló ń yí irin tó ń ṣí fáàfù. Bó bá ti fà gùn, fáàfù kò ní ṣí lásìkò, agbára á dín, ṣùgbọ́n á máa dún kàràkàrà. Tèmi kò dún.

Ó tú ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn pílétì onírin inú kílọ́ọ̀ṣì ti yí padà di búlúù nítorí ooru, àwọn pílétì tó ń di onírin mú sì ti dán bíi dígí. Ó bojú wo kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì tí wọ́n lò fún mi, ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Nínú kẹ̀kẹ́ yìí, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì ń lò, nítorí náà ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti pò mọ́ ohun tó ń mú irin yọ̀ á mú pílétì yọ̀ bákan náà. JASO MA, àmì ọ́ìlì tó bá kílọ́ọ̀ṣì inú ọ́ìlì mu, ló yẹ kó wà lára kẹ́ẹ̀gì náà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì mi kí òkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà. Èyí tún bí mi nínú ju owó ríìngì lọ.

Iṣẹ́ ọmọ yẹn mọ́, mi ò lè purọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ àwọn pílétì tuntun sínú ọ́ìlì tó dáa kó tó tò wọ́n, ó wo sípíríìnì bóyá ó ti rọ̀, ó sì fi wáyà kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó ní àyè díẹ̀ lọ́wọ́, torí bó bá fà jù, pílétì kò ní fún ara wọn tán. Èèyàn mẹ́ta wà lẹ́yìn mi báyìí, kẹ̀kẹ́ ń gun òkè láìjanpata.

Ọ̀gá dé, ó ní owó ríìngì kò ní padà, ṣùgbọ́n kí n má san owó iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì. Mo ta ko ó, ó kọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ béèrè.