Sílíkóònù, Pọ́líyúrétéènì àti Ẹpọ́sì: Èwo Ló Yẹ Ibi Tó Sán Nílé Yín?

Bí ẹ bá fẹ́ ra ohun tí ẹ máa fi dí ojú tó lanu, wọ́n á kọ́kọ́ bi yín bóyá ara dígí ló wà, àbí ara kọnkéré. Ìbéèrè yẹn dáa, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ibẹ̀ ṣì ń ṣí tó sì ń pa dé, tàbí ó ti dúró sójú kan.

Kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí apá ọ̀tún ibi tó sán náà, kẹ́ ẹ fa òmíràn sí apá òsì. Ẹ wọn àárín ìlà méjèèjì ní ìdájí tí ara ògiri ṣì tutù, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án gangan, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ìwọ̀n náà bá ń yí pa dà, ibẹ̀ ń rìn nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ṣe ló ń fẹ̀ sí i láìpa dé rárá, ẹ má ra nǹkan kan o. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀ ilé.

Ibi tó ti dúró sójú kan ni ẹpọ́sì wà fún. Apá méjì la máa ń pò pọ̀, tó bá sì gan, ó máa ń le bí òkúta. Kọnkéré tó pín sí méjì tẹ́ ẹ fi ẹpọ́sì so dáadáa, ibòmíràn ló máa gbà fọ́ bẹ́ ẹ bá lù ú. Àmọ́ agbára yẹn gan-an ló kó mi sí wàhálà. Mo fi ẹpọ́sì dí àlàfo àárín kọnkéré méjì tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú tuntun sán ní ìwọ̀n ìka méjì sí ibi tí mo dí, ó sì ń bá a lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹpọ́sì náà kò tú. Kọnkéré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló já, torí kọnkéré kò lágbára bí wọ́n bá ń fà á. Ẹ tún ṣọ́ ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa fi pò ó: bí apá kan bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ títí, kò ní gan.

Pọ́líyúrétéènì ni mo wá fi tún ibẹ̀ ṣe, torí ó máa ń nà, ó sì máa ń di kọnkéré mú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kọnkéré tó gùn ní mítà 6, bí ooru ara rẹ̀ bá fi 30°C lé láàárín òru sí ọ̀sán, á fi nǹkan bíi mìlímítà 2 gùn sí i. Bí wọ́n bá kọ 25% sára túùbù, ìdá mẹ́rin ìbú àlàfo náà ló lè nà tàbí kó sún kì. Àlàfo mìlímítà 5 kò ní tó, ó máa já. Mìlímítà 10 á gbà á. Ẹ jẹ́ kí jíjìn rẹ̀ jẹ́ ìdajì ìbú náà, kẹ́ ẹ sì ki okùn fóòmù sísàlẹ̀ kó tó di pé ẹ fún un síbẹ̀, kó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló lẹ̀ mọ́. Èyí tó bá tún lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kò ráyè nà, ṣe ló máa ya. Ẹ rí i dájú pé ibẹ̀ gbẹ, torí tó bá rin, yóò máa hó, á sì lu ihò wẹ́wẹ́. Oòrùn máa ń sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àmọ́ ó gba ọ̀dà, ẹ kùn ún.

Oòrùn kì í rí sílíkóònù gbé ṣe, omi náà kì í rí i gbé ṣe. Etí fèrèsé, ara dígí, ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọwọ́ àti táìlì ilé ìwẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í dúró lára rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi dí ògiri tẹ́ ẹ máa kùn. Èyí tó ń rùn bíi fínígà kì í lẹ̀ mọ́ kọnkéré dáadáa, ó sì lè mú kí irin dípẹtà. Ẹ béèrè èyí tí kò ní òórùn fínígà fún irú ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ń ṣí kúrò gbọọrọ bí awọ, ẹ má fún tuntun lé e. Ẹ fi abẹ há ti àtijọ́ kúrò tán, kẹ́ ẹ nù ún, kó gbẹ.