Ẹ Ṣọ́ra fún Ìwé Àdéhùn Àwọn Oníṣẹ́ Òrùlé: Mo San Owó Ìdádúró Kí Òjò Tó Rọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé l'Ábẹ́òkúta, ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń pín iṣẹ́ fún oníṣẹ́ òrùlé, oníná àti oníṣẹ́ omi, ẹ dákun ẹ ka èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe, ìwé olójú-ewé mẹ́rin péré sì ni wọ́n fi lù mí ní jìbìtì.

Ilé alájà kan ní Ìbarà ni. Èmi àti onílé ti fọwọ́ sí ìwé tiwa lórí mílíọ̀nù 48 náírà, ó sì wà nínú rẹ̀ pé yóò dá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dúró, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ritẹ́ńṣọ̀n. Mílíọ̀nù 2.4 nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bá kó kọ́kọ́rọ́ fún un ni n óò gba ìdajì. Ìdajì tó kù di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, kí n máa tún gbogbo àbùkù tó bá yọjú ṣe lápò ara mi títí di ìgbà náà. Ìyẹn kò burú. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Mo wá gbé iṣẹ́ òrùlé fún àwọn kan ní mílíọ̀nù 6.4 náírà: páánù lọ́ńgísípánì, àti fẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò fi tẹ́ inú gọ́tà kọnkéré tó wà lẹ́yìn párápẹ́ẹ̀tì kí omi má bàa wọlé. Ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ ló mú ìwé àdéhùn wá sí sáìtì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé lásán ni, gbogbo kọ́sítọ́mà wa ló ń sáìnì ẹ̀." Orí búlọ́ọ̀kù ni mo jókòó sí, oòrùn ń pa mí, àwọn bíríkìlà ń pè mí, lọ́rí ń já yanrìn. Mo wo ojú ewé kìn-ín-ní níbi tí iye owó wà, mo wo ìkẹrin níbi tí wọ́n ti ní kí n fọwọ́ sí. Méjì tó wà láàárín, n kò kà wọ́n. Mo tún sọ ọ́: n kò kà wọ́n.

Ní báyìí mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Abala kẹrin ní kí n san ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún bí ẹrù bá ti dé sáìtì. ₦4,480,000 ti lọ kí wọ́n tó kan ìṣó kan mọ́ igi. Abala kẹfà gbà kí n dá ₦320,000 dúró, ṣùgbọ́n kí n san án ní 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ òrùlé bá parí, ó sì fi kún un pé ọjọ́ tí wọ́n bá kọ lẹ́tà pé àwọn ti parí ni iṣẹ́ parí. Lẹ́tà tiwọn! Kì í ṣe èmi ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ẹnjiníà onílé. Abala kẹsàn-án ló wá burú jù. Láàárín 90 ọjọ́ yẹn nìkan ni wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ àbùkù, páánù tó bá ní àléébù láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ni wọn yóò sì pààrọ̀. Owó òṣìṣẹ́, sílìnì tàbí ògiri tó bá bàjẹ́ kò kàn wọ́n. Bí mo bá sì ti san owó ìdádúró, gbogbo ẹ̀tọ́ tí mo ní lọ́dọ̀ wọn ti tán.

Wọ́n kọ lẹ́tà náà ní 30 Oṣù Kọkànlá. Ẹ bá mi kà á. Oṣù Kejìlá, ọyẹ́. Oṣù Kìn-ín-ní, ọyẹ́ àti eruku. Oṣù Kejì, oòrùn tó ń la orí. 90 ọjọ́ pé ní 28 Oṣù Kejì, ẹ̀kán omi kan kò sì tíì bọ́ sórí òrùlé yẹn láti ojú ọ̀run. Ní ìlú tí òjò kì í ti í fẹsẹ̀ múlẹ̀ kó tó di Oṣù Kẹta sí Ìkẹrin! Wọ́n mọ̀. Ẹni tó ń kan òrùlé l'Ábẹ́òkúta kò lè sọ pé òun kò mọ ìgbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1 Oṣù Kẹta, ọmọ iṣẹ́ wọn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi láti gba ₦320,000. Mo san án, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún onílé ní 14 Oṣù Kẹta. Ọjọ́ yẹn ni oṣù mẹ́fà tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tiwọn sì ti parí láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹrin, òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú. Aago méje kò tíì lù tí ìyàwó onílé fi pè mí pé kí n wá wo ohun tí mo ṣe sí ilé àwọn. Pííópì yàrá mẹ́ta ti wú, ọ̀kan ti já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo dúró láàárín yàrá, àgbàlagbà bíi tèmi, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo pe oníṣẹ́ òrùlé. Ẹni tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ka abala kẹsàn-án, sà." Ó gé fóònù.

Mo gun òkè lọ fúnra mi. Páánù kò ní àbùkù kankan. Inú gọ́tà ni wàhálà wà. Fẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó gun ara ògiri párápẹ́ẹ̀tì tó ínṣì mẹ́fà, ínṣì méjì ni wọ́n gbé e dé, wọn kò sì ki etí rẹ̀ bọ inú ògiri. Níbi tí ọ̀kan ti gun èkejì, ìka kan ni mo fi ṣí i bí ẹni ń ṣí ìwé. Bí omi gọ́tà bá ti ga ju ínṣì méjì lọ, ẹ̀yìn fẹ́ẹ̀tì ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sórí sílìnì. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, kì í ṣe páánù, ìwé wọn sì ti yọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Mo gbé ìwé náà lọ bá lọ́yà kan ní Kútọ̀. Ó ní ká ní ìwé yẹn kàn sọ pé 90 ọjọ́ ni wọn yóò fi máa padà wá tún nǹkan ṣe ni, mo ṣì lè pè wọ́n lẹ́jọ́ lẹ́yìn rẹ̀, torí pé píparí àkókò àtúnṣe nìkan kì í pa ẹ̀bi iṣẹ́ tí kò bá àdéhùn mu rẹ́. Gbólóhùn tó ní ẹ̀tọ́ mi tán lọ́jọ́ tí mo bá sanwó ló di ìjà, kò sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé a óò borí. Ìlà kan àbọ̀ ni gbólóhùn yẹn!

₦540,000 ni mo fi ṣí fẹ́ẹ̀tì kúrò tí mo sì tẹ́ òmíràn. Pííópì gba ₦310,000, ọ̀dà gba ₦95,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦945,000. Onílé sì di mílíọ̀nù 1.2 tèmi mú títí di 14 Oṣù Kẹsàn-án, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àní ká ní ₦320,000 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìnáwó náà lọ. Abala àbùkù ni ì bá sọ ẹni tí yóò san ìyókù.

Àwọn kan ti ń sọ pé ẹ̀bi mi ni. Òótọ́ ni, mo yẹ kí n ti kà á. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n kàwé. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ irú abala bẹ́ẹ̀ sínú ìwé bí kì í bá ṣe ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe? Ẹni tó gbé fẹ́ẹ̀tì ínṣì méjì sókè ló tún kọ 90 ọjọ́ ọyẹ́ sísàlẹ̀. Ká má dárúkọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ìwé lásán ni, ẹ má gbà á gbọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín.

Mo ní láti kọ èyí kíákíá torí sáìtì ń dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí àkókò àbùkù oníṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kó ilé fún onílé, kó parí lọ́jọ́ tí tiyín parí, kí owó ìdádúró sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá kùn pé ó pẹ́ jù, ẹ san ìdajì rẹ̀ ṣáájú, ẹ má san gbogbo rẹ̀. Ẹnjiníà ni kó sọ pé iṣẹ́ parí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn yóò dí ihò gọ́tà, wọn yóò rọ omi kún un fún wákàtí 24, kí ẹ tó san owó ìparí. Táńkà omi kan péré ni. Gbólóhùn tó bá ní sísan owó pa ẹ̀tọ́ yín rẹ́, ẹ fagi lé e, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, onítáìlì kan mú ìwé tirẹ̀ wá. Ó ní kí n yára fọwọ́ sí i, torí ọkọ̀ ń dúró. Mo ní kí ọkọ̀ máa lọ. Ìwé náà wà lórí tábìlì mi, ojú ewé kejì ni mo wà.